Ó níbi tó ń yọ́ lọ

Ọjà ò burú lónìí, iná wá díẹ̀, mo rí aṣọ lọ̀. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onírun ni ò kúrò lọ́kàn mi. Kì í tiẹ̀ ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí o, àwọn méjì kan ló ń takùrọ̀sọ, ọ̀kan wá ní "ọkùnrin tó bá ti ń yọ́ wo sítátọ́ọ̀sì ìyàwó ẹ̀, ó níbi tó ń yọ́ lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà fi eyín rín in, torí ẹ̀yin náà mọ Olówó-orí mi, òun ló máa ń kọ́kọ́ wo àńkárá tí mo bá gbé sórí Wásáàpù láàárọ̀, orúkọ ẹ̀ sì ti pòórá níbẹ̀ látìjọ́ mélòó kan.

Ó níbi tó ń yọ́ lọ. Ibo wá ni?

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú fóònù. Tó bá jẹ́ pé kò wo sítátọ́ọ̀sì mi mọ́ ni, àbí nọ́ńbà mi ti pa rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tíìkì mẹ́sẹ́ẹ̀jì mi á ṣì máa di búlúù tó bá kà á. Kò di búlúù, bẹ́ẹ̀ ó ń fèsì. Mo wá wo fóìsì nóòtì tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, máìkì ẹ̀ ti di búlúù. Mo tún lọ sí gúrúùpù ẹbí, mo tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì mi mọ́lẹ̀, mo wo ínfò ẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà lára àwọn tó ti kà á. Ah. Read receipts ló pa. Súwìtì kan náà ló ń pa tíìkì búlúù tó sì ń pa orúkọ ẹni tó wo sítátọ́ọ̀sì mọ́, kò ṣeé pa fún ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ayé ló máa kàn, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò tó gúrúùpù àti fóìsì nóòtì.

Ọkàn mi balẹ̀. Ó balẹ̀ títí mo fi débi ọlọ́bẹ̀, mo wá ní súwìtì kúkú ń sọ ohun tó pa ni, kò sọ ẹni tó ń sá fún...

Ẹ wá gbọ́. Ó wọlé lálẹ́, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan, òun ló ń ráhùn pé àwọn èèyàn ò wo sítátọ́ọ̀sì òun mọ́, ṣé òun ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀! Ẹni tó bá pa á, òun náà ò ní rí àwọn tó ń wo tiẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń sá fún, tí tíìkì bá ti di búlúù báyìí ìpè dé, bó tiẹ̀ jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́.

Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ kí ló dé tí ò sọ fún mi? Ó ní kí lòun fẹ́ sọ, pé òun pa tíìkì? Òótọ́ ni ṣá. Ó ní kí n bá òun tàn án padà, mo ní kó fi sílẹ̀ jàre, tí ọ̀gá yẹn bá tún pè lórí oúnjẹ èmi ni màá gbé e.