Ọ̀nà kan, ìjábọ̀ mẹ́rin: ìpínrọ̀ àná tí ẹ ń dà kọ sínú iṣẹ́ òní

Òkun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíkà ìjábọ̀ láàbù ti sáà yìí ni, mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ ti mọ̀ pé kò dára kéèyàn jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, n kò ní padà sórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ara yín ni mo ń wí: ìpínrọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ sínú ìjábọ̀ kìn-ín-ní, tí ẹ wá gbé odindi rẹ̀ sínú ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin, torí pé ọ̀nà kan náà ni ẹ fi ṣe gbogbo wọn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ohun tó lè jọra láìsí ẹ̀bi wà. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ líle omi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin nínú kọ́ọ̀sì kan. Ẹ ó fi pìpẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 50 omi sínú fláàsìkì. Ẹ ó fi bọ́fà amónyà mílílítà kan tàbí méjì sí i, kí pH rẹ̀ lè dé 10. Ẹ ó fi atọ́ka EBT díẹ̀ sí i, omi á sì pupa bíi sóbò. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa kán EDTA 0.01 M sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó máa mi fláàsìkì, títí pupa yẹn á fi lọ pátápátá, tí búlúù nìkan á kù. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìgbà tí bọ́fà wọlé ló gbọ́dọ̀ parí, kí kálísíọ́mù má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í dì sísàlẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
líle (mg/L CaCO3) = V × M × 100000 / S
```

V ni mílílítà EDTA tó wọlé, M ni agbára EDTA náà, S sì ni mílílítà omi tí ẹ mú. Bí M bá jẹ́ 0.01, tí S jẹ́ 50, ẹ kàn máa fi 20 sọ V di púpọ̀ ni.

Orúkọ kẹ́míkà, agbára wọn, pH, àwọ̀ tó ń yí padà àti ìṣirò yẹn á jọra nínú ìjábọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa bá yín jà lórí ìyẹn. COPE pàápàá, àjọ tó ń gba àwọn olóòtú ìwé ìwádìí nímọ̀ràn, gbà pé apá ọ̀nà iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti lè jọra jù, bí òǹkọ̀wé bá ti sọ ibi tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ọ̀sì ló ń darí yín, kì í ṣe ti ìwé ìwádìí. Kí ẹ tó kọ ìkejì, ẹ lọ bá olùkọ́ yín, kí ẹ bi í ní gbólóhùn kan péré: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀ ni, àbí mo lè tọ́ka sí ìkìn-ín-ní?” Ìdáhùn méjèèjì ní ọ̀nà tiwọn, mo máa dé ibẹ̀.

Ìkejì rèé, òun ló ń dùn mí jù. Ẹ rò pé ewu tó wà níbẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà olùkọ́ fa ìlà pupa sábẹ́ ìpínrọ̀ yín. Ewu tó tóbi jùyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àná kì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Ẹ wo bó ṣe ń bàjẹ́.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìjábọ̀ kìn-ín-ní lórí omi bọ́hóòlù ní Kàbbà. Ó mú mílílítà 50, EDTA tó wọlé jẹ́ mílílítà 4.6, líle omi náà sì jẹ́ mílígíráàmù 92 nínú lítà kan. Ó dára. Ìkẹta wá kàn án, omi kànga kan ní ẹ̀gbẹ́ Jákúrà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, níbi tí òkúta mábù pọ̀ sí. Ẹ mọ̀ pé omi tó bá gba inú mábù kọjá máa ń bu kálísíọ́mù dání. Nígbà tó dán mílílítà 50 wò, EDTA kọjá 15, pupa ò sì tíì lọ. Ohun tó yẹ ló ṣe: ó da ìyẹn nù, ó mú mílílítà 10 péré, ó fi omi dísítílì lé e títí ó fi dé 50, ó tún un ṣe. EDTA mílílítà 4.2 ló wọlé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé láàbù rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣàṣìṣe kankan ní láàbù. Alẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan bàjẹ́. Ó ṣí fáìlì ìjábọ̀ kìn-ín-ní, ó yí “bọ́hóòlù Kàbbà” sí “kànga Jákúrà”, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìpínrọ̀ ọ̀nà iṣẹ́ ṣì ń wí pé wọ́n fa mílílítà 50. Ìlà ìṣirò tó bá a wọlé ṣì ń fi 20 sọ V di púpọ̀. Ó fi 4.2 sí i, 84 ló jáde. Ó wá kọ ọ́ pé omi kànga Jákúrà rọ̀ ju omi bọ́hóòlù Kàbbà lọ.

S jẹ́ 10, kì í ṣe 50. Ohun tó yẹ kó fi sọ 4.2 di púpọ̀ ni 100, líle omi náà sì jẹ́ 420. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ wa, NIS 554, nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2007, fi 150 ṣe òpin. Nítorí náà omi tó kọjá òpin ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìjábọ̀ yẹn pè ní omi tó yege. Ìyá tó ń fi omi yẹn fọṣọ, tí ọṣẹ ò hó, tí ẹfun funfun ti dì mọ́ ìdí kẹ́tùlù rẹ̀, mọ òótọ́ ju ìjábọ̀ yẹn lọ. Ìpínrọ̀ tí wọ́n dà kọ ló sì fà á.

Ọ̀nà kan náà ni ìkejì àti ìkẹrin ń gbà ṣubú. Omi odò Ọyí ní ìgbà òjò máa ń ní ẹrẹ̀. Ẹ ti sẹ́ ẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ àná ò mọ̀ nípa sísẹ́, kò sì sí nínú ìjábọ̀. Ìkẹrin ní kí ẹ wọn kálísíọ́mù nìkan. NaOH ni ẹ lò, kí pH lè gòkè tó 12, kí mágnísíọ́mù lè dì sísàlẹ̀. Múrẹ́sáìdì sì ni atọ́ka yín. Ìpínrọ̀ àná ń pariwo EBT àti pH 10. Ẹni tó bá kà á á gbà pé gbogbo líle omi ni nọ́ńbà yín, kì í ṣe kálísíọ́mù nìkan.

Àwọn kan nínú yín máa wá sọ pé àwọn ti yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rí i. “Bọ́fà” ti di “omi aláàbò”, “fà” ti di “bù”, “50” ti di “àádọ́ta”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́fà lórúkọ ẹ̀, kò ní òmíràn. Pìpẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń fà, ife ni wọ́n fi ń bù, ẹni tó bá kà á á rò pé ife lẹ lò. Àádọ́ta tí ẹ sì kọ yẹn, irọ́ kan náà ni pẹ̀lú 50. Ẹ fi wákàtí méjì pa ìrísí ọ̀rọ̀ dà, ẹ ò fi ìṣẹ́jú kan wo ìwé láàbù yín.

Ohun kẹta ni ohun tí ẹ ó ṣe. Bí olùkọ́ bá gbà kí ẹ tọ́ka, iṣẹ́ ti rọrùn. Ẹ kọ ọ̀nà náà ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, nínú ìkìn-ín-ní, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà apá tirẹ̀. Nínú ìkẹta, ohun tí ẹ ó kọ kò ju èyí lọ: “Ọ̀nà tí mo fi wọn líle omi ni èyí tí mo ṣàlàyé ní apá 2.2 ìjábọ̀ kìn-ín-ní fún kọ́ọ̀sì yìí. Ohun kan ló yàtọ̀: EDTA tí mílílítà 50 ń gbà kọjá 15, nítorí náà mo mú mílílítà 10, mo fi omi dísítílì lé e dé 50. S nínú ìṣirò jẹ́ 10.” Ẹ wo bí ohun tó yàtọ̀ ṣe yọ sójú. Nínú ìpínrọ̀ gígùn tí ẹ dà kọ, bí ẹ bá tiẹ̀ rántí fi í kún un, á sọnù sáàárín ohun tí olùkọ́ ti kà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá ní kí kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹ pa fáìlì àná dé. Ẹ ṣí ojú ewé ọjọ́ yẹn nínú ìwé láàbù, kí ẹ kọ látinú rẹ̀. Kì í ṣe ibi kan náà ni ìròyìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ti Kàbbà, bí ẹ ṣe po EDTA ló ṣe pàtàkì, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: gíráàmù 3.722 iyọ̀ dísódíọ́mù nínú lítà kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ti Ọyí, bí ẹ ṣe bu omi àti bí ẹ ṣe sẹ́ ẹ ni kó ṣáájú. Nínú ti Jákúrà, ìdí tí ẹ fi bu omi là á ni. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ báyìí, gbólóhùn á yàtọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ò ní wá ọ̀rọ̀ kankan pààrọ̀.

Ibi tí n kò ti ní fojú fo àtúnlò rárá ni apá tí ẹ ti ń sọ ohun tó lè fa àṣìṣe. Gbogbo yín ló ń kọ “ojú lè tan wa níbi àwọ̀” lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní Kàbbà, bí áyánù bá wà nínú omi, búlúù kì í tètè mọ́ kedere. Ẹ sọ bóyá ẹ rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọyí, àwọ̀ omi fúnra rẹ̀ lè bo pupa náà. Ní Jákúrà, lílà ni: bí ẹ bá fi mílílítà 0.1 ka búrẹ́ẹ̀tì sódì, mílígíráàmù 2 ló máa ń ṣì nígbà tí S jẹ́ 50, ṣùgbọ́n 10 ló máa ṣì nígbà tí S jẹ́ 10. Kò sí bí ìpínrọ̀ Kàbbà ṣe lè sọ ìyẹn fún yín.

Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ lọ sí `Review` nínú Word, kí ẹ tẹ `Compare`, kí ẹ fi ìjábọ̀ àná sí apá kan, tòní sí apá kejì. Ohun tó yàtọ̀ ló máa ní àmì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kí ẹ máa ka ohun tí kò ní àmì, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé ìwé láàbù tòní tó jẹ́rìí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá rí ojú ewé fún, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tún ìṣirò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe láti orí S.