Bí mo ṣe ń tún lẹ́tà tí wọ́n ṣì kọ ṣe nínú àwòrán síláìdì

Tí fáìlì PowerPoint bá ti sọnù, tó jẹ́ pé sikirinṣọ́ọ̀tì síláìdì nìkan ló kù, ẹ má sáré tẹ lẹ́tà tuntun lé èyí tí wọ́n ṣì kọ lórí. Inú àwòrán yẹn gan-an ni kí ẹ ti wá lẹ́tà tí ẹ máa lò. Bí ẹ tilẹ̀ mọ fọ́ǹtì náà, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi sí etí lẹ́tà kì í sábà bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ojú á sì rí i.

Ẹ wo èyí tí mo ṣe fún ètò ìlera àwọn ọmọdé kan. Lẹ́tà ńlá tí kò ní àmì ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀: ETO ILERE AWON OMODE, ABEOKUTA. ILERA ló yẹ kó jẹ́.

Mo ṣe ẹ̀dà àwòrán náà pamọ́, mo ṣí i nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, mo sì sún un mọ́ra dé 400%. A mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló ṣeé mú. W ti fara ti A inú AWON, apá T sì na bo A tó parí ABEOKUTA. A tó bẹ̀rẹ̀ ABEOKUTA nìkan ni àyè wà fún lọ́tùn-ún lósì.

A fẹ̀ ju E lọ, nítorí náà mo kọ́kọ́ wá àyè fún un. Mo fi Rectangle Select yí gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ILERE ká, láti inú àlàfo tó wà níwájú AWON. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́, mo wá fi bọ́tìnì ọfà sún un sọ́tùn-ún ní píkísẹ́lì 5. Lẹ́yìn náà ni mo lẹ A náà, tòun ti ẹ̀yìn funfun rẹ̀, bo E mọ́lẹ̀. Ẹ má fẹ lẹ́tà lójú, ẹ má sì fún un pọ̀ rárá, torí etí rẹ̀ á di bàìbàì.

Tí àwọ̀ ẹ̀yìn síláìdì bá ń ṣú láti òkè wá sílẹ̀, kò séwu, bí ẹ bá ṣáà ti jẹ́ kí lẹ́tà náà dúró lórí ìlà rẹ̀. Tó bá jẹ́ láti òsì sí ọ̀tún ló ń ṣú, àmì onígun mẹ́rin á hàn. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀yìn tó mọ́ láti òkè E gan-an fi pa á rẹ́, kí ẹ wá fi Free Select gé A náà mọ́ etí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Láti mọ̀ bóyá ó mọ́, mo máa ń ṣí Colors > Levels, mo á fa àmì àárín síwá sẹ́yìn. Bí ojú àlẹ̀mọ́ bá wà, ibẹ̀ ló ti máa yọ. Mo á tẹ Cancel kí àwọ̀ má bàa yí padà, mo á wá tún un ṣe.

PNG ni kí ẹ fi í pamọ́ sí, torí JPEG máa ń da èérí yí lẹ́tà ká. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.