Kí ẹ tó gbé adójútòfò lọ sí NAICOM, ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà lẹ́tà yín

Ẹ̀yin tí adójútòfò ń sọ fún pé ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lórí ọkọ̀ tó bàjẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Tírélà ló kọlu ọkọ̀ mi látẹ̀yìn ní Òjòó, n'Ìbàdàn, ní 2024. Kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù, ìdójútòfò tó bo ọkọ̀ tèmi náà, ni mo ṣe, mo sì ti sanwó rẹ̀ pé. Mo fún adójútòfò mi ní fọ́ọ̀mù, ìwé ọlọ́pàá, àwòrán àti iye tí mẹkáníìkì kọ. Wọ́n rán ẹnì kan wá wo ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Mo kọ lẹ́tà, kò sí èsì. Mo kọ òmíràn.

Ọjọ́ tí mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ló burú jù. Ọmọbìnrin kan wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, a ò rí kíléèmù kankan lórúkọ yín o. Ẹ lọ tún gbogbo ẹ̀ mú wá." Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn èèyàn. Ọkọ̀ tí mo fi ń jẹun ni òjò ń pa lọ́dọ̀ mẹkáníìkì! Mo yọ ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì. Òǹtẹ̀ wọn wà lára ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ó gbé e wọlé, kò sẹ́ni tó padà wá bá mi.

Àwọn ẹ̀dà yẹn ni mo fi kọ̀wé sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn adójútòfò. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ wò ni bóyá ẹ ti jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà gbọ́, tí wọn ò dáhùn. Ìpè fóònù àti wàsáàpù ajẹ́ńtì kò tó fún ìyẹn.

Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà pọ́lísì àti ti kíléèmù, ọjọ́ ìjàǹbá, ọjọ́ tí ẹ mú ìwé kọ̀ọ̀kan wá, àti iye tí ẹ ń béèrè. Kí èkejì dárúkọ ọjọ́ ti àkọ́kọ́, kó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ẹ ó san ni àbí ẹ ò ní san, kí sì nìdí? Òfin ìdójútòfò ti 2003 tó wà nígbà náà, abala 70, ní tí wọn ò bá gbà láti san, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín 90 ọjọ́. Òfin tuntun ti dé ní 2025, torí náà ẹ wo ìyẹn kí ẹ tó kọ nọ́ńbà abala. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú risíìtì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìjà o. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, irọ́ wọn ni ìbá borí.

NAICOM kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, àwọn adójútòfò yẹn sì fúnra wọn pè mí. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní dísíṣáájì fáúṣà, ẹ ka iye orí ẹ̀ dáadáa, torí ó máa ń sọ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Iye ti èmi kéré nígbà àkọ́kọ́. Mo dá a padà, wọ́n sì tún un kọ.