Sláìdì-rúùlù onípákó: ibi tí ìlà D ti tán

Ìlà C àti ìlà D ti wà lórí sláìdì-rúùlù mi báyìí, rúùlù tí a fi ń ṣe ìsọdipúpọ̀ nípa fífa ahọ́n àárín rẹ̀: C wà lórí ahọ́n, D wà lára rúùlù fúnra rẹ̀. Mìlímítà 250 ni mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Lọ́ọ̀gì 2 nínú tábìlì jẹ́ 0.3010, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 250, ó di 75.3, ibẹ̀ ni mo fi abẹ fín 2 sí. Báyìí náà ni mo ṣe àwọn yòókù.

Pákó ọmọ tí mo rà ní sọ́mìlì n'Ílọrin ni mo lò, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fín. Ọyẹ́ ti mú ahọ́n àárín tín-ínrín díẹ̀, ó ń yọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Àmọ́ ìbú ni pákó fi ń sún kì, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí, nítorí náà ìlà mi ò bàjẹ́.

0.047 × 38.6 ló dá iṣẹ́ dúró. Mo kọ́kọ́ fi tábìlì ṣe é. Ìbáà jẹ́ 4.7, ìbáà jẹ́ 47 tàbí 0.047, mántísà kan náà, ìyẹn òǹkà tó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì nínú lọ́ọ̀gì, ni tábìlì ń fún wa: 6721. Àǹfààní tí Henry Briggs ṣe fún wa nìyẹn nígbà tó gbé lọ́ọ̀gì ka orí 10. Àwa la máa fi kárátẹrísítíìkì, odidi tó wà níwájú pọ́ìǹtì, kún un. Ti 38.6 jẹ́ 1, ti 0.047 jẹ́ báà 2, ìyẹn −2, torí pọ́ìǹtì ní láti sún lẹ́ẹ̀mejì kó tó di 4.7. Orí 2 nìkan ni báà yẹn wà o, kò kan mántísà.

Ẹ wá ro mántísà pọ̀: 0.6721 àti 0.5866 jẹ́ 1.2587. Odidi 1 yẹn á lọ bá àwọn kárátẹrísítíìkì: −2 + 1 + 1 = 0. Áńtí-lọ́ọ̀gì 0.2587 jẹ́ 1.814.

Lórí pákó ńkọ́? 4.7 wà ní 168.0 lórí D, 3.86 wà ní 146.7 lórí C. Tí mo bá gbé 1 orí C sórí 4.7, 3.86 máa bọ́ sí àròpọ̀ wọn, 314.7, D sì ti tán ní 250! 3.86 wá ń fì nínú afẹ́fẹ́. Mo ti ní kí bọ̀ọ̀dá káfíńtà gé pákó mìíràn tí màá so mọ́ ọn lápá ọ̀tún.

Mi ò so ó mọ́. Dípò 1, mo gbé 10 orí C sórí 4.7, 3.86 sì bọ́ sí 64.7, ìyẹn 1.81. Àyọkúrò 250 yẹn gan-an ni odidi 1 tí a gbé lọ bá kárátẹrísítíìkì nínú tábìlì. Nígbàkigbà tí mo bá fi 10 ṣe ìsọdipúpọ̀, mo ní láti fi 1 kún kárátẹrísítíìkì lọ́kàn, torí pákó ò ní sọ fún mi bóyá 1.81 ni tàbí 18.1.

Òǹkà kẹrin kò ṣeé kà níbí. Láti 9 dé 10, mìlímítà 11.4 péré ni. Pákó tí bọ̀ọ̀dá gé á di férémù gíláàsì atọ́ka, màá sì kọ “10: +1” sẹ́yìn rúùlù.