Ìwé Pélébé Mẹ́ta

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé àwọn òbí dé ni. Ohùn mi ti há, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó sùn, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá kan tí a jọ jókòó lónìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn ọmọ JSS 3 wa ti parí ìdánwò wọn. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, wọn yóò wọ SS 1, ibẹ̀ sì ni a ti ń pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà. Èmi ni kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ọ̀dọ̀ mi ni fọ́ọ̀mù yẹn ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tó ń dé orí tábìlì mi, ọwọ́ ọmọ ló kọ ọ́, ẹnu bàbá tàbí ìyá ló sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pe àwọn òbí jọ kí wọ́n tó dá fọ́ọ̀mù padà.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dìde tí màá ní kí wọ́n má fipá mú ọmọ. Wọn á mi orí, wọn á ní, "Òótọ́ ni, Àńtí," wọn á sì lọ sílé lọ ṣe ohun tó wà lọ́kàn wọn látilẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Kò sí òbí tó gbà pé òun ń fipá mú ọmọ. Lójú tirẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ sọ́nà ni, ọ̀rọ̀ mi kò sì bá a wí rárá.

Nítorí náà, lónìí, mo pín ìwé pélébé mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lórí èkíní, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 15, àti ohun tí kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Lórí èkejì, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe, àti ìdí rẹ̀. Lórí ẹ̀kẹta, ohun mẹ́ta tí ọmọ náà ṣe láàárín ọdún yìí tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Mo sọ fún wọn pé n kò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lè kọ òótọ́.

Ìwé méjì àkọ́kọ́ kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó kan ìkẹta, bírò dúró. Ìyá kan sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Fóònù nìkan ni tèmi ń tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́." Mo ní kí ó béèrè ohun tí ọmọ ń fi fóònù náà ṣe. Ọmọ tó ń wo fídíò àwọn ẹlòmíràn àti ọmọ tó ń gé fídíò pọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń to orin sí i, tó tún ń tún un ṣe títí yóò fi dára, àwọn méjèèjì ò jọ ara wọn, bí fóònù tí wọ́n mú dání tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Bàbá àgbà kan tó wá fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbà. Ó ní, "Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." Mo dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún ọmọ. Bí owó ilé bá ti mọ níwọ̀n tí yunifásítì àdáni kò fi ṣeé san, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì sọ iye tó wà nílẹ̀ ní pàtó, nítorí ọmọ ọdún 14 lè fi òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò. Ohun tí àgbà rí ni ìyẹn. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ àgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Màmá àgbà kan ló bá mi parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní láyé àwọn bàbá òun, tí wọ́n bá bímọ, wọ́n á ṣe àkọsẹ̀jayé, wọ́n á bi Ifá léèrè irú ẹni tó wá àti ọ̀nà tó yàn. "Wọ́n ń béèrè ohun tó gbé wá ni o. Wọn kì í gbé ẹrù fún un."

Ìgbà náà ni bàbá tí mo ń wí yìí nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ni mo kọ sórí ìwé kìíní, dókítà náà ni mo kọ sórí èkejì. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n ka ìdí wọn fún wa. Wọ́n ní owó wà nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé bí ọmọbìnrin yín bá rí iṣẹ́ mìíràn tó lówó lórí bákan náà ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ iyì náà wà níbẹ̀. A sọ̀rọ̀ iyì tán, wọ́n ní dókítà kì í wáṣẹ́ tì. Bí a ṣe ń yanjú ìdí kan ni òmíràn ń dìde, ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ń yọrí sí. Ohun tí mo máa ń fetí sí jù nìyí. Ìdí tó bá jẹ́ ti ọmọ lóòótọ́, tí a bá ti dáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ àlá àtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìdí á máa pààrọ̀ aṣọ, ìpinnu kò ní yẹsẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ nínú èdè wọn: "A ti ń ra ìwé," "A máa wọ UI." Ọmọ kan ṣoṣo ló máa jókòó ṣe ìdánwò náà.

N kò sọ èyí lójú àwọn èèyàn. Nígbà tí a sinmi, mo lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe JAMB nítorí ìmọ̀ ìṣègùn, pé lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀ báyìí ló kù. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá wọn fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì kò sì jáde, ni wọ́n bá lọ kọ́ oògùn títà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Ìwé èsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Omi lé sí mi lójú. Èèyàn kò lè sọ fún ẹni tó ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún pé kó kàn gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wo ìwé kẹta. Wọ́n ti kọ ọ́, dáadáa ni wọ́n sì kọ ọ́. Nígbà tí ògiri ẹ̀yìnkùlé wó, tí aládùúgbò ní wọ́n wọ ilẹ̀ òun, ọmọ náà mú téèpù, ó wọn ilẹ̀ náà yí po, ó yà á sórí ìwé gíráàfù. Ó mọ nọ́ńbà tó wà lára bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ wọn lórí. Bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, òun ló ń ka máàpù fún wọn. Mo ti mú èsì rẹ̀ dání, ti táàmù mẹ́fà, nítorí èsì táàmù kan ṣoṣo lè jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ tàbí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìṣirò rẹ̀ kò wá sí ìsàlẹ̀ 70 rí. Ti sáyẹ́ǹsì ń lọ sókè sódò láàárín 50 sí 60.

Mo ní, "Ẹ̀yin Dádì, iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni ọmọ yín ń ṣe nínú ilé yín yìí." Wọ́n rò pé ẹni tó ń ri bíkìn mọ́lẹ̀ nìkan ni. Mo sọ fún wọn pé ìmọ̀ náà wà ní UNILAG àti OAU, pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ilẹ̀ wíwọ̀n tó wà ní Ọ̀yọ́ ti wà láti 1908, àti pé kò sẹ́ni tí yóò ra ilẹ̀ kó má béèrè pláànù rẹ̀.

Ohun tó tù wọ́n lára jù kò sì le rárá. Mo fi hàn wọ́n pé kò tíì sídìí fún ìjà. Fún ìmọ̀ ìṣègùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni wọ́n ń ṣe nínú UTME. Fún ilẹ̀ wíwọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti ọ̀kan sí i ni. Bí ọmọ náà bá wọ sáyẹ́ǹsì ní SS 1, tó mú Bàọ́lọ́jì, tó sì mú Jọ́gíráfì mọ́ ọn, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ títí di ìgbà tó máa forúkọ sílẹ̀ fún UTME ní SS 3. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ní láti fi wò ó. Ìjà tí wọ́n ti ń bá ọmọ jà láti oṣù kẹta, orí ohun tí fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi kò béèrè ni.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní àyè bẹ́ẹ̀ o, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo wọn nígbà tí a padà jókòó. Ọmọ tó fẹ́ ṣe lọ́yà, tí a tì sí sáyẹ́ǹsì, kò ní ka Lítíréṣọ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gba èèyàn sí ìmọ̀ òfin. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, tí a tì sí áàtì, kò ní Físíìsì. Fún irú àwọn wọ̀nyí, SS 1 gan-an ni oríta, bí wọ́n bá sì gba ibẹ̀ kọjá, WAEC mìíràn ni wọn yóò padà wá ṣe. Mo ti rí ọmọ kan tó jókòó sílé ọdún mẹ́rin nítorí ìmọ̀ ìṣègùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Máàkì rẹ̀ kò burú rí, ó kàn jẹ́ pé kì í tó ti ìmọ̀ ìṣègùn ni, bàbá rẹ̀ kò sì gbà kó mú ohun mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbà nígbẹ̀yìn, ọmọ náà kò fẹ́ nǹkan kan mọ́.

Èmi náà kọ tèmi. Lórí ìwé kìíní, lọ́yà. Lórí èkejì, fún ọmọkùnrin mi tó wà ní SS 2, lọ́yà. Lórí ìkẹta, ohun méjì ni mo rí kọ, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá mi lójú. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ọmọ àwọn ẹlòmíràn, ó sì dùn mí gan-an pé mo ní láti ronú bẹ́ẹ̀ lórí ti inú ilé mi. Láti ìgbà tó ti wà ní pírámárì kẹrin ni mo ti ń pè é ní "Lọ́yà mi." Nígbà tí mo wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó wà nídìí iná, ó ń dín dòdò. Mo bi í bóyá ó fẹ́ràn orúkọ náà. Ó yí dòdò inú epo díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni." A kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ jókòó, kó sọ fún mi bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ. Dòdò tútù kí ó tó sọ ọ́ tán.

Mo ti bá awọnlẹ̀ kan tí mo mọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ní ilẹ̀ kan láti wọ̀n ní Ọjọ́bọ̀, pé ọmọ náà lè tẹ̀ lé àwọn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọn yóò fi ṣe tán, kó rí oòrùn ibẹ̀, kó rí ìṣirò tí wọ́n ń ṣe lálẹ́, kó sì béèrè ohun tó bá wù ú nípa owó iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ ní àwọn yóò bá a lọ, pé àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí àwọn méjèèjì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa, nítorí inú igbó ni ilẹ̀ náà wà.