Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó fa sítándáàdì dífíéṣọ̀n gùn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo iṣẹ́ sítátísíìsì wọn, mo sì ti rí i pé fọ́múlà kọ́ ló ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ ni. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe é: wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ 20 léèrè iye ìwé tí kálukú kà ní sáà kan.

| Iye ìwé | Iye akẹ́kọ̀ọ́ |
|---|---|
| 2 | 4 |
| 3 | 6 |
| 4 | 6 |
| 5 | 2 |
| 10 | 2 |

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ro apá òsì nìkan pọ̀, wọ́n á pín in sí 5, wọ́n á rí 4.8. Wọ́n ti gbàgbé pé èèyàn mẹ́fà ló dúró sí ìlà kejì, tí méjì péré wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ fi iye akẹ́kọ̀ọ́ sọ iye ìwé di púpọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: 8, 18, 24, 10, 20. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 80. Tí ẹ bá pín in sí 20, míìnì jẹ́ 4.

Ní ti mídíànì, èèyàn là ń wá, kì í ṣe ìlà. Nínú ogún èèyàn, ẹni kẹwàá àti ẹni kọkànlá ló wà láàárín. Mo máa ń kọ àròpọ̀ tó ń gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ: 4, 10, 16, 18, 20. Ẹni kẹwàá ló kẹ́yìn àwọn tó ka ìwé 3, ẹni kọkànlá ló ṣáájú àwọn tó ka 4. Nítorí náà, mídíànì jẹ́ 3.5. Ẹni tó bá kàn mú ìlà àárín á sọ pé 4 ni, á bá míìnì dọ́gba, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń fa míìnì sókè.

Sítándáàdì dífíéṣọ̀n, tó ń sọ bí àwọn iye ṣe jìnnà sí míìnì tó, ló máa ń fi ohun náà hàn. Ẹ yọ míìnì kúrò lára iye ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èsì yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi iye akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ máa rí 16, 6, 0, 2 àti 72. Ẹ má yára rò wọ́n pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa: nínú 96 tó jẹ́ àròpọ̀, 72 wá láti ọ̀dọ̀ èèyàn méjì péré. Ẹni tó fi 6 jìnnà sí míìnì kó 36 wá, ẹni tó fi 1 jìnnà sí i kó 1 wá. 96 tí a pín sí 20 jẹ́ 4.8, súkúwíà rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 2.19.

Tí ìbéèrè bá sọ pé àwọn ogún yìí kàn ń ṣojú fún àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ, 19 la máa fi pín 96 náà, súkúwíà rúùtù rẹ̀ á sì jẹ́ 2.25. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Excel, `STDEV.P` ló ń pín in sí 20, `STDEV.S` ló ń pín in sí 19. Tí ìdáhùn yín bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ó wá ku hísítógíráàmù. Tí a bá kó iye ìwé jọ ní méjì-méjì, 2 sí 3, 4 sí 5, títí dé 10 sí 11, gíga òpó wọn á jẹ́ 10, 8, 0, 0, 2. Òpó méjì ga ní òsì, àlàfo wà láàárín, òpó kúkurú kan sì dá dúró ní ọ̀tún. Ìrù tó nà sí ọ̀tún yẹn ló ń fa míìnì sókè. Ṣùgbọ́n ẹ kó o jọ ní márùn-ún márùn-ún, 0 sí 4, 5 sí 9, 10 sí 14: àwọn òpó á di 16, 2, 2, àlàfo náà á sì pòórá. Àwọn èèyàn kan náà ni o! Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó kí n tó sọ ohunkóhun nípa àwòrán.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn kọ pé “iye wọn fọ́n ká.” Ẹ yọ àwọn méjì tó ka ìwé 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ tún un ṣírò fún méjìdínlógún tó kù: míìnì á di 3.33, mídíànì á di 3, sítándáàdì dífíéṣọ̀n á já wálẹ̀ sí 0.94. Mi ò ní kí ẹ pa àwọn méjì náà rẹ́ nínú ìdáhùn o, torí wọ́n kàwé lóòótọ́. Ohun tí èmi á kọ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé 2 sí 5, pé méjì péré ka 10, àti pé àwọn méjì yìí ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú 2.19 náà.