Jẹnẹrétọ̀ tó ń sáré lójú mi nígbà tó ń kú lọ

Ínfátà ni wọ́n pè mí wá wò, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni mo bá ara mi. Bàbá kan n'Íbàdàn ní ínfátà òun ń ṣe bí ọmọ tó ń kọ oúnjẹ: bí wọ́n bá tan jẹn, á gba iná náà fún ìgbà díẹ̀, á já a sílẹ̀, á tún gbà á. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 226 fóltì, 50.3 Hz. Kò sí aburú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ ẹ́ńjìnì yẹn tó ń sáré, tó ń dẹ̀rọ̀, tó tún ń sáré. Mítà mi kì í sọ bí ìyíká kọ̀ọ̀kan ṣe gùn sí. Á kó ọ̀pọ̀ ìyíká jọ, á pín wọn dọ́gba, á wá sọ nọ́ńbà kan fún mi.

Ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi á wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná 50 Hz, ìyíká kan rẹ̀ jẹ́ 20 mílísẹ́kọ́ǹdù. Mo fi rẹsítọ̀ 47 kílóòmù méjì sórí iná jẹn, mo fi ọ́pítókọ́pílà PC817, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì kọjá, sí ìdí wọn, pẹ̀lú dáyóòdù kan tó dojú kọ iná inú rẹ̀ sódì kí ìlàjì kejì má bàa bà á jẹ́. Rẹsítọ̀ ìdajì wáàtì ni kí ẹ lò, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó 0.28 wáàtì, ìdá mẹ́rin wáàtì á jóná. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ yẹn nígbà tí jẹn bá ń ṣiṣẹ́. 230 fóltì kì í bèèrè ẹni tó gbọ́n.

Ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sí bọ́ọ̀dù Arduino Uno. Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe lèmi náà ṣe: `attachInterrupt()`, kí n sì ka `micros()` ní gbogbo ìgbà tí àmì bá wọlé. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àfi pé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, nọ́ńbà kan á ṣàdédé fò lọ sí nǹkan bí 59 Hz, á sì padà sílé. Mo bú jẹn yẹn títí. Jẹn kò mọ nǹkan kan.

Mo ti so DHT22 mọ́ bọ́ọ̀dù náà kí n lè mọ bí ara jẹn ṣe gbóná tó, mo sì ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Nígbà tí láíbìrì rẹ̀ bá ń ka ìwọ̀n ìgbóná, á ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìdálọ́wọ́kọ́, ìyẹn interrupt, fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin. Aago tí `micros()` ń lò sì nílò ìdálọ́wọ́kọ́ ní gbogbo 1.024 mílísẹ́kọ́ǹdù láti ka ara rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì fún mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa rántí, ó sì pàdánù nǹkan bíi mẹ́ta. Ìyíká tó jẹ́ 20 wá dà bíi 17, èyí sì ni 58.8 Hz. Aago mi ló ń sùn.

Ibẹ̀ ni mo ti yà sí ínpúùtù kápíṣọ̀. Nínú ATmega328P tó wà lórí Uno, Táímà 1 ní ẹnu ọ̀nà kan, ICP1, tó jẹ́ ìho 8 lórí bọ́ọ̀dù. Bí àmì bá ti yí pa dà níbẹ̀, irin fúnra rẹ̀ á da nọ́ńbà tí táímà wà lórí rẹ̀ lákòókò yẹn sínú rẹ́jísítà ICR1. Kóòdù kò lọ́wọ́ sí i. Kóòdù lè pẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin kó tó wá kà á, nọ́ńbà náà á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, bí ẹni fi lẹ́tà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kìkì pé kí ẹ kà á kí àmì tó kàn tó dé. Èmi sì ní 20 mílísẹ́kọ́ǹdù.

```c
volatile uint16_t iye, tele;

ISR(TIMER1_CAPT_vect) {
  uint16_t bayi = ICR1;
  iye = bayi - tele;
  tele = bayi;
}

void setup() {
  pinMode(8, INPUT);
  TCCR1A = 0;
  TCCR1B = (1 << ICNC1) | (1 << ICES1) | (1 << CS11);
  TIMSK1 = (1 << ICIE1);
}
```

`CS11` pín 16 MHz sí mẹ́jọ, nítorí náà kíkà kan jẹ́ ìdajì máíkírósẹ́kọ́ǹdù, 50 Hz sì jẹ́ 40000. Fíríkúẹ́ńsì ni `2000000.0 / iye`. Bí táímà bá kún ní 65535 tó sì padà sí òdo láàárín ìyíká, ìyọkúrò yẹn ṣì máa tọ̀nà, torí pé `uint16_t` náà ń yí bákan náà.

Ẹ wo ìlà `TCCR1A = 0;` dáadáa. Mo kọ́kọ́ fò ó. Nǹkan tí ICR1 ń fún mi kò ju 255 lọ láéláé, mo sì rò pé ọ́pítókọ́pílà ló bàjẹ́, mo tilẹ̀ yọ ọ́ sọ nù, mo fi tuntun sí i. Kí `setup()` tó bẹ̀rẹ̀ ni Arduino ti ṣètò táímà yẹn fún PWM: á ka dé 255, á sì ka padà sílẹ̀. Bí nọ́ńbà yín bá ń gbé láàárín 0 àti 255, ẹ má tú wáyà. Láíbìrì Servo náà ń lo Táímà 1, nítorí náà wọn ò lè jọ gbé.

Ohun tó kàn ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké, 63, 118, tó ń wọlé láàárín àwọn ńlá. Iná jẹn ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ́pítókọ́pílà sì ń tẹ̀ lé e, nítorí náà bó bá dé ìlàjì ọ̀nà, á máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé `ICNC1` tó yẹ kó sẹ́ ariwo, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin péré ló ń yẹ àmì wò, ìyẹn 0.25 máíkírósẹ́kọ́ǹdù lápapọ̀, ìgbọ̀nrìrì tèmi sì ju ọgbọ̀n máíkírósẹ́kọ́ǹdù lọ. 74HC14 kan, ṣíìpù tí kì í dá irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ lóhùn, láàárín ọ́pítókọ́pílà àti ìho 8 ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń dojú àmì dé, àmọ́ ìyẹn kò ba ìwọ̀n ìyíká jẹ́.

Nọ́ńbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́: 38023, lẹ́yìn náà 41841, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ìyẹn ni 52.6 Hz sí 47.8 Hz, wọ́n sì ti ṣètò ínfátà bàbá láti kọ ohunkóhun tó bá kọjá 52 tàbí tó rẹlẹ̀ ju 48 lọ. Kàbúrétọ̀ ló dọ̀tí. Nígbà tí a tú u tí a fọ ihò epo kékeré inú rẹ̀, ìsáré-dẹ̀rọ̀ dáwọ́ dúró. Mo wá yí síkírù ìjánu ẹ́ńjìnì títí nọ́ńbà fi dúró sítòsí 39200, nǹkan bíi 51 Hz láìsí ẹrù, kó lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá tan áyọ́ọ̀nù. Resonétọ̀ tó ń darí aago Uno lè ṣàṣìṣe ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdá mẹ́rin Hz. Fún iṣẹ́ yìí, kò ní mi lára.

Bàbá pa jẹn láti lọ ra epo. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń kú lọ, nọ́ńbà sọ̀kalẹ̀ sí 35, sí 31, ó sì fò lọ sókè réré, 138 Hz ló hàn kẹ́yìn. Táímà náà máa ń kún ní 32.768 mílísẹ́kọ́ǹdù, ohunkóhun tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 30.5 Hz lọ, ìyíká rẹ̀ gùn jù ú lọ. 25 Hz yẹ kó jẹ́ 80000, ó di 14464. Mo fi `(1 << CS11) | (1 << CS10)` rọ́pò `(1 << CS11)`, kí ó máa pín sí 64: kíkà kan di máíkírósẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin, 50 Hz di 5000, táímà kò sì ní kún kí 262 mílísẹ́kọ́ǹdù tó pé. Mo sọ 2000000.0 di 250000.0. Nígbà tí bàbá padà dé pẹ̀lú jálá rẹ̀, mo ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n tún pa á.